Ojú-ìwé Méjì Láti Inú Ọ̀rọ̀ Wákàtí Méjì

Ojú-ìwé 31 ni àdàkọ náà nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Láti òkè dé ìsàlẹ̀, ọ̀rọ̀ ló kún un fọ́fọ́. Kò sí ìpínrọ̀, kò sí ibi tí gbólóhùn ti parí kí òmíràn tó bẹ̀rẹ̀, kò sì sí àmì ohùn kan ṣoṣo lórí lẹ́tà kankan. Ibi tí ojú lè gbé sinmi kò ju àwọn nọ́ńbà kéékèèké tó wà létí ìwé lọ, àwọn tó ń sọ ìṣẹ́jú tí olùkọ́ wà nígbà tó sọ ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Bí ènìyàn bá fi ojú wọ̀ ọ́ láti òkèèrè, á rò pé èlùbọ́ tí a kò tíì jọ̀ ni wọ́n dà sílẹ̀: funfun àti dúdú, kíkúnná àti gbọ́rọ́gbọ́rọ́, gbogbo rẹ̀ ló dà pọ̀.

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo ló di gbogbo ìwé yẹn. Kọ́ọ̀sì fonọ́lọ́jì Yorùbá ni, ní ọdún kẹta wa ní yunifásítì, ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ náà sì ni ìpajẹ fáwẹ́lì. Olùkọ́ wa gbà kí a gba ohùn òun sílẹ̀, ó kàn ní kí ohùn náà má ṣe jáde kúrò láàárín kíláàsì. Akọ̀wé kíláàsì wa gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin fún òru méjì gbáko, ó sì ń tẹ ohun tó ń gbọ́ sórí fóònù rẹ̀. Ìṣẹ́jú 107 ni ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tó bá ti tẹ Yorùbá lórí fóònù mọ̀ pé bí ènìyàn bá ní kí òun máa fi àmì ohùn sí i bí ọ̀rọ̀ ṣe ń jáde, ilẹ̀ á mọ́ bá a lójú-ìwé kejì. Ìdí nìyẹn tó fi fi àmì sílẹ̀. Ó parí iṣẹ́ tirẹ̀, ó wá kù sọ́wọ́ mi láti sọ ọ́ di nóòtì tí kíláàsì lè fi ka ìwé ìdánwò.

Olùkọ́ wa jẹ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ dùn lẹ́nu rẹ̀. Á bẹ̀rẹ̀ òfin kan, á rántí ìyá rẹ̀, á ti ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ bọ́ sọ́dọ̀ Bíṣọ́ọ̀bù Crowther, á ti ibẹ̀ bọ́ sórí iná tí kò sí ní ẹ̀ka wa, lẹ́yìn náà ni á béèrè pé, “Níbo la dúró sí?” Nínú kíláàsì, adùn ni. Lórí ìwé, ọ̀ràn ni. Ẹni tó bá fẹ́ fọ̀ ọ́ mọ́ gbọ́dọ̀ mọ ohun kan láti ìbẹ̀rẹ̀: bí olùkọ́ bá yà bàrá, kì í ṣe gbogbo ìgbà ló máa ń fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀ lọ. Nígbà mìíràn, inú ọgbà tó yà sí gan-an ló ti ń já ewé tó ń wá.

Kí n tó gé ọ̀rọ̀ kankan, àmì ohùn ni mo kọ́kọ́ dojú kọ. Nínú kọ́ọ̀sì mìíràn, ó ṣeé ṣe kí ènìyàn kà á láìsí àmì kó sì yé e. Nínú fonọ́lọ́jì, àmì ni ẹ̀kọ́. Ní ojú-ìwé kejìdínlógún, mo rí gbólóhùn kan báyìí: “ko pelu eko o di keko”. Kí ni ìyẹn? Ṣé kíkọ ni àbí kíkọ́? Ṣé ẹ̀kọ́ ni àbí ẹ̀kọ tí a ń mu? Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ ìkẹyìn fi dà bí ẹni pé ó kúrú ju bó ṣe yẹ lọ? Mo padà sínú ohùn, mo wá ìṣẹ́jú 63, mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta. Kọ́ ni olùkọ́ pè, ẹ̀kọ́ ni, ohun tó sì dà ni kẹ́kọ̀ọ́. Gígùn ọ̀rọ̀ yẹn ní ìparí wà nínú ohùn ketekete. Akọ̀wé wa gbọ́ ọ, ìka rẹ̀ ni kò tẹ̀ ẹ́. Bí mo bá ti kọ́kọ́ gé ìwé náà kí n tó padà sínú ohùn, “keko” ni mi ò bá fi sínú nóòtì, àpẹẹrẹ tó ṣe pàtàkì jù lọ lọ́jọ́ náà ì bá sì ti bàjẹ́ sí mi lọ́wọ́.

Mi ò fi àmì sí gbogbo ojú-ìwé 31. Ìyẹn á jẹ́ fífi omi ṣòfò. Ibi tí olùkọ́ ti dárúkọ àpẹẹrẹ nìkan ni mo padà lọ gbọ́, nọ́ńbà ìṣẹ́jú tó wà létí ìwé ló sì mú un rọrùn. Láìsí àwọn nọ́ńbà yẹn, ènìyàn á máa wá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú ohùn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí méjì.

Ohun kejì ni òṣùwọ̀n. Mo tẹ́ àlàkalẹ̀ kọ́ọ̀sì sí ọwọ́ òsì mi, mo tẹ́ ìbéèrè ìdánwò ọdún mẹ́ta tó ti kọjá sí ọwọ́ ọ̀tún. Àlàkalẹ̀ sọ pé ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ yẹn jẹ́ ìpajẹ fáwẹ́lì àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ohùn nígbà ìpajẹ. Àwọn ìbéèrè àtijọ́ fi hàn pé nǹkan mẹ́ta ni wọ́n máa ń béèrè: kí o sọ ohun tí ìpajẹ jẹ́, kí o fi àpẹẹrẹ hàn ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀, kí o sì ṣàlàyé ibi tí òfin kò ti ṣiṣẹ́. Láti ìgbà náà, mi ò béèrè mọ́ bóyá ọ̀rọ̀ kan dùn, tàbí bóyá ó jẹ́ ìtàn. Ohun tí mo ń béèrè ni pé, èwo nínú àwọn mẹ́ta yìí ni ọ̀rọ̀ yìí lè dáhùn? Bí kò bá lè dáhùn ọ̀kankan, mo fi bírò pupa fa ìlà sí i láàárín. Ìlà tínrín ni mo ń fà, kí ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀ ṣì ṣeé kà, nítorí pé ohun tí ènìyàn bá pa rẹ́ pátápátá kò ṣeé padà bi léèrè.

Àwọn kan rọrùn láti gé. Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ lọ sórí pípe orúkọ àwọn tó wá. Ìṣẹ́jú mẹ́fà lọ sórí ẹni tó gbé àga kúrò ní kíláàsì. Ọ̀rọ̀ Bíṣọ́ọ̀bù Crowther ló kọ́kọ́ mú mi dúró, nítorí pé òtítọ́ ni gbogbo ohun tí olùkọ́ sọ níbẹ̀: pé Òṣoogùn ni wọ́n bí i sí, pé wọ́n kó o lẹ́rú ní 1821, pé ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1843, pé ó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Ó wù mí láti fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn àkọtọ́ Yorùbá ní kọ́ọ̀sì tirẹ̀, kò sì sí nínú àlàkalẹ̀ tiwa. Ohun tó jẹ́ òtítọ́, tó sì níyì, lè má jẹ́ ohun tí a ó béèrè. Mo fa ìlà pupa sí i.

Èyí tó tún ṣòro ju ìyẹn lọ ni ọ̀rọ̀ iná. Ní ìṣẹ́jú 35, olùkọ́ kérora pé, “Ẹ̀ka wa ò níná, a ò sì lówó epo.” Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá dáadáa á rí i pé ìpajẹ méjì ló wà nínú gbólóhùn yẹn. Ní àti iná ló di níná. Ní àti owó ló di lówó, /n/ sì yí padà sí /l/. Ọwọ́ mi ti ń yún mi láti kọ ọ́ sílẹ̀. Mo wo àlàkalẹ̀, mo rí i pé ìyípadà /n/ sí /l/ wà lábẹ́ ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Olùkọ́ fúnra rẹ̀ kò sì tọ́ka sí gbólóhùn náà, ó kàn ń ráhùn ni. Mo fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí mo bá ń kó gbogbo ìpajẹ tó bá já bọ́ lẹ́nu rẹ̀, gbogbo gbólóhùn Yorùbá tó sọ ni mi ò bá kó, nítorí pé kò sí ẹni tí í sọ Yorùbá fún ìṣẹ́jú kan láìpa fáwẹ́lì jẹ.

Nígbà tí mo dé ìṣẹ́jú 41, mo fẹ́ fa ìlà pupa gba ìdajì ojú-ìwé kọjá. Bí ó ṣe wà lórí ìwé nìyí:

> iya mi olorun fori ji won won o kawe o sugbon oja won mo on won a maa ta ata lojo kan mo de odo won mo ni maami e ku oja won ni taja taja ni mo n se o ti re mi e gbo o e gbo nnkan ti won so won o so pe toja ewo lo lo ninu mejeeji eyin ti e wa leyin yen e gbe foonu yin senu apo bee naa ni foso bee naa ni korin se e ri i iya mi o kawe sugbon won o si i pe

Ìyá olùkọ́, ọjà ata, àárẹ̀, fóònù àwọn tó jókòó sẹ́yìn: ta ni kò ní gé e? Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan fà mí ní aṣọ, “toja”. Kò sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú Yorùbá tí mo mọ̀. Kí ló dé tí olùkọ́ fi dárúkọ ohun tí kò sí? Mo padà sí ìṣẹ́jú 12, níbi tó ti sọ òfin rẹ̀ àkọ́kọ́. Ohun tó sọ níbẹ̀ ni pé, nígbà tí fáwẹ́lì méjì bá pàdé ní ẹnu ààlà ọ̀rọ̀ méjì, a máa ń pa ọ̀kan jẹ, àti pé àkọ́kọ́ ni a sábà máa ń pa jẹ. Ó fi àpẹẹrẹ tì í: pa àti ẹja di pẹja, gba àti owó di gbowó, ṣe àti òwò di ṣòwò. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, fáwẹ́lì ọ̀rọ̀-ìṣe ló lọ, ti ọ̀rọ̀-orúkọ ló dúró.

Ó wá yé mi. Bí a bá tẹ̀ lé òfin yẹn láìyẹsẹ̀, ta àti ọjà ì bá di tọjà. Ìyá olùkọ́ kò sọ bẹ́ẹ̀, kò sì sí ọmọ Yorùbá tó ń sọ bẹ́ẹ̀. Tajà ni: fáwẹ́lì kejì ló lọ, ti àkọ́kọ́ ló dúró. Bákan náà ni fọ àti aṣọ tó di fọṣọ, àti kọ àti orin tó di kọrin. Ìtàn ìyá yẹn ni ibi àkọ́kọ́, nínú gbogbo ìṣẹ́jú 107, tí olùkọ́ ti fi àpẹẹrẹ hàn pé fáwẹ́lì kejì lè lọ. Ó fi í sínú ìtàn kó lè dúró lórí wa, ó sì yára kọjá nítorí pé ẹnì kan ń tẹ fóònù. Nínú nóòtì mi, gbogbo ìpínrọ̀ náà di ìlà méjì:

> A lè pa fáwẹ́lì kejì jẹ: ta + ọjà → tajà (a kì í sọ pé “tọjà”).
> Irú rẹ̀ mìíràn: fọ + aṣọ → fọṣọ, kọ + orin → kọrin.

Ọjà ata ti lọ, àárẹ̀ ti lọ, fóònù ti lọ. “Tọjà” dúró, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ Yorùbá, nítorí pé òun ló ń fi hàn ibi tí òfin àkọ́kọ́ á gbé ènìyàn dé bí kò bá ṣọ́ra.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti mọ ohun tí mo ní láti máa wá nínú ìtàn olùkọ́. Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti yọjú láàárín ẹ̀fẹ̀, kí ènìyàn dá ọwọ́ bírò pupa dúró: “ẹ gbọ́ nǹkan tí wọ́n sọ”, “wọn ò sọ pé”, “èwo ló lọ”, “bẹ́ẹ̀ náà ni”. Ìtàn lásán kì í ní “bẹ́ẹ̀ náà ni”. Ẹni tó bá ń sọ bẹ́ẹ̀ ti ń to àpẹẹrẹ.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rí èyí tó wà ní ìṣẹ́jú 63. Àwọn mẹ́ta pẹ́ kí wọ́n tó wọlé, olùkọ́ sì bá wọn wí gidi. Ó ní, “Irú akẹ́kọ̀ọ́ wo lẹ̀yin jẹ́? Ṣé ẹ tilẹ̀ mọ ohun tó wà nínú orúkọ tí ẹ ń jẹ́?” Ló bá kọjú sí pátákó, ó tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ pẹ̀lú ìbínú, bẹ́ẹ̀ ìwé wa kò fi ìbínú náà hàn rárá. Ohun tí mo fi rọ́pò ojú-ìwé kan àtààbọ̀ nìyí.

Kọ́ ní ohùn òkè. Ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohùn ìsàlẹ̀. Ìgbésẹ̀ kìíní: a pa fáwẹ́lì kọ́ jẹ, ṣùgbọ́n ohùn òkè rẹ̀ kò bá a lọ. Ìgbésẹ̀ kejì: ohùn òkè náà bọ́ sórí /ẹ/ tó ṣẹ́ kù, a sì ní kẹ́. Ìgbésẹ̀ kẹta: ohùn ìsàlẹ̀ tó wà lórí /ẹ/ tẹ́lẹ̀ kò ríbi jókòó mọ́, ó wá sún síwájú sórí sílébù tó tẹ̀ lé e. Sílébù yẹn ti ní ohùn òkè tirẹ̀. Nígbà tí ohùn méjì wà lórí ibì kan, a kọ fáwẹ́lì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ríbi dúró sí: kọ̀ọ́. Ó di kẹ́kọ̀ọ́. A fi /a/ ṣáájú rẹ̀, ó di akẹ́kọ̀ọ́.

Ohun tí olùkọ́ fẹ́ kí á rí ni pé ìpajẹ fáwẹ́lì kì í ṣe ìpajẹ ohùn. Fáwẹ́lì lè lọ kí ohùn rẹ̀ dúró. Ohùn òkè kì í gbà kí á pa òun jẹ, ohùn ìsàlẹ̀ náà sì ń wá ibi fara mọ́. Ohùn àárín nìkan ni kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Gbé àti ọmọ di gbọ́mọ: ohùn àárín tó wà lórí /ọ/ lọ ní tirẹ̀, òkè gba ipò rẹ̀. Ṣe àti òwò di ṣòwò: ohùn àárín tó wà lórí ṣe lọ, ìsàlẹ̀ dúró. Àpẹẹrẹ méjèèjì yìí wà ní ojú-ìwé kejìlélógún, ojú-ìwé mẹ́rin sí ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ wà, ìtàn ìrìn-àjò kan sì la àárín wọn. Mo kó wọn wá sí ojú kan. Apá kan iṣẹ́ ìfọ̀mọ́ nìyẹn tí ọ̀pọ̀ kì í rántí. Wọ́n á gé, wọn ò ní tò. Olùkọ́ á sọ òfin ní ìṣẹ́jú 70, àpẹẹrẹ rẹ̀ á ti jáde ní ìṣẹ́jú 63, ẹni tó ń ka nóòtì fún ìdánwò sì nílò kí òfin àti àpẹẹrẹ rẹ̀ máa gbé inú ilé kan.

Ewu tó tóbi jù wà ní ìṣẹ́jú 83. Olùkọ́ ń pa pátákó rẹ́, ló bá sọ ọ́ wẹ́rẹ́ pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ohun tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan nípa fáwẹ́lì àkọ́kọ́ yẹn, ẹ má kọ ọ́ bí òfin o. Kò sí òfin kan tó mú gbogbo rẹ̀. /i/ ló rọrùn jù láti pa jẹ, ibi yòówù tó bá wà.” Gbólóhùn mẹ́ta péré, láàárín ariwo àga. Nínú àdàkọ, kò gùn ju ìlà méjì lọ, ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò kó iṣẹ́ àṣetiléwá sì ló yí i ká. Ẹni tó bá ti kọ nóòtì rẹ̀ láti ìṣẹ́jú 12, tó sì rò pé ó ti parí ibẹ̀, yóò gbé irọ́ wọnú ìdánwò láìmọ̀. Nítorí náà ni mi ò fi í kọ ìlà kan sínú nóòtì títí mo fi ka àdàkọ dé òpin. Èmi kà á lẹ́ẹ̀kan láti fi bírò sàmì, mo kà á lẹ́ẹ̀kejì láti wá “lẹ́ẹ̀kan”, “mo ṣì í sọ”, “ẹ tún un ṣe” àti “ẹ má kọ ọ́”, lẹ́yìn náà ni mo tó mú ìwé funfun.

Òfin ìṣẹ́jú 12 ni mo wá tún kọ: “Fáwẹ́lì àkọ́kọ́ tàbí ìkejì lè lọ.” Mo to àpẹẹrẹ irú méjèèjì sí abẹ́ rẹ̀. Mo wá fi kún un pé /i/ ni a máa ń pa jẹ níbikíbi tó bá wà, mo sì to àwọn tí olùkọ́ dárúkọ: jẹ + iṣu → jẹṣu, kọ́ + ilé → kọ́lé, gé + igi → gégi, láti inú èyí tí agégi ti jáde, bẹ́ẹ̀ náà sì ni rí + ọmọ → rọ́mọ, níbi tí /i/ ti wà lápá òsì.

Nígbà tí mo parí, ojú-ìwé 31 ti di méjì. Ojú-ìwé àkọ́kọ́ gbé ohun tí ìpajẹ jẹ́ àti irú fáwẹ́lì tó ń lọ. Ìkejì gbé ọ̀rọ̀ ohùn, akẹ́kọ̀ọ́ sì dúró láàárín rẹ̀ pẹ̀lú ìgbésẹ̀ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọ̀kan lábẹ́ èkejì. Àmì ohùn wà lórí gbogbo lẹ́tà tó yẹ. Létí gbogbo òfin ni mo kọ ìṣẹ́jú rẹ̀ sí, kí ẹni tó bá ṣiyèméjì lè padà lọ gbọ́ olùkọ́ fúnra rẹ̀. Nísàlẹ̀, mo kọ ìbéèrè mẹ́rin tí mo rò pé ó lè ti inú rẹ̀ jáde, láìkọ ìdáhùn sí i. Ìwé náà mọ́ lójú mi. Mo rò pé mo ti ṣe tán.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe nóòtì kì í lè dán nóòtì rẹ̀ wò fúnra rẹ̀, nítorí pé ohun tí kò kọ sílẹ̀ ṣì wà lórí rẹ̀. Mo gbé e fún ẹlẹgbẹ́ wa kan tí àìsàn kò jẹ́ kó wá sí kíláàsì lọ́jọ́ náà. Kò gbọ́ ìtàn ìyá olùkọ́, kò rí àwọn tó pẹ́. Mo ní kó fi nóòtì náà nìkan ṣe ìpajẹ ọ̀rọ̀ mẹ́wàá tí mo kọ sílẹ̀ fún un. Ó jókòó, ó ṣe wọ́n. Ó tú akẹ́kọ̀ọ́ palẹ̀ láìṣi ẹsẹ̀ kan. Ó ṣe gbọ́mọ, ó ṣe kọ́lé. Nígbà tó dé ṣe + iṣẹ́, ó kọ “ṣeṣẹ́”.

Mo ní, “Ta ló ń sọ pé òun ń ṣeṣẹ́?”

Ó ní, “Kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́. Mo mọ̀ pé ṣiṣẹ́ ni. Ṣùgbọ́n nóòtì rẹ ló ní kí n pa /i/ jẹ níbikíbi tó bá wà. Bí ọ̀rọ̀ tí mi ò mọ̀ bá wá jáde lọ́jọ́ ìdánwò ńkọ́?”

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ mí lára. Mo padà sínú ojú-ìwé 31, mo ń ka abẹ́ àwọn ìlà pupa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ìṣẹ́jú 91, mo rí i. Ẹnì kan ti wọlé láti tún fèrèsé ṣe, olùkọ́ kí i pé, “Ẹ kú iṣẹ́ o.” Mo ti gé gbogbo ibẹ̀ nítorí ìkíni lásán ni mo pè é. Nísàlẹ̀ ìlà pupa mi gan-an ni olùkọ́ ti yíjú padà sí kíláàsì: “E wo o won n sise won o so pe sese /i/ ko lo nibi yen o e lo fi se ami.” Olùkọ́ ti sọ ọ́. Akọ̀wé wa ti gbọ́ ọ. Ọwọ́ mi ni ó bọ́ sọnù sí, láàárín ìkíni àti fèrèsé.

Ohun tó sì jẹ́ kó ṣeé rí padà ni pé ìlà ni mo fà, n kò pa á rẹ́. Mo mú nóòtì náà, mo yọ “níbikíbi tó bá wà”, mo fi “lọ́pọ̀ ìgbà” rọ́pò rẹ̀. Lábẹ́ gégi àti rọ́mọ, mo kọ ìlà kan sí i: ṣe + iṣẹ́ → ṣiṣẹ́, níhìn-ín, /i/ dúró, /e/ ló lọ (ìṣẹ́jú 91). Ẹlẹgbẹ́ wa tún jókòó, ó fa “ṣeṣẹ́” nù, ó sì kọ ṣiṣẹ́ sí àyè rẹ̀. Lẹ́yìn náà nìkan ni mo tó fi ojú-ìwé méjì náà ránṣẹ́ sí kíláàsì.